Ẹṣin mi wọ ipò kẹta, owó mi ṣì dín: báwo ni wọ́n ṣe ń ṣírò E/W?

TáyéWoolwich
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó bá mọ tẹ́tẹ́ ẹṣin dáadáa, ẹ bá mi dá sí i. Mo ta £5 E/W lórí ẹṣin kan tí ọ́ọ̀dì rẹ̀ jẹ́ 9/2, £10 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Ẹṣin mẹ́jọ ló sáré, tèmi sì wọ ipò kẹta. Ohun tí wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì ni `1/5 odds, 1-2-3`. Nígbà tí mo lọ gba owó, £9.50 ni wọ́n kà lé mi lọ́wọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì jẹ, àádọ́ta pẹ́nì tún bọ́ lọ́wọ́ mi! Ṣé wọ́n ṣì í kà ni, àbí bó ṣe ń rí nìyẹn?

Gbénga_Leeds
£10 tí wọ́n gbà kò lẹ́bi. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì ni E/W: £5 pé ẹṣin yóò borí, £5 pé yóò wọ ipò. Ẹṣin rẹ kò borí, nítorí náà £5 àkọ́kọ́ ti lọ. Ibi tí wọ́n ti yàn ọ́ jẹ ni ìdá yẹn. Ìdá mẹ́rin ni E/W, bó ṣe wà látayébáyé nìyẹn. Pín 9/2 sí mẹ́rin, èrè rẹ á jẹ́ £5.62, fi ojú owó £5 kún un, £10.62 ló yẹ kí wọ́n san. Padà lọ bá wọn pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì rẹ.

Akọ̀wéTẹ́tẹ́
Táyé, má yọ ara rẹ lẹ́nu láti padà lọ o. Gbénga tọ̀nà lórí tíkẹ́ẹ̀tì méjì, àmọ́ ó ṣìnà lórí ìdá. Iye ẹṣin tó sáré àti irú eré tó jẹ́ ló ń sọ ìdá tí wọ́n á lò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bó ṣe wà nìyí ní ilé tẹ́tẹ́ tó bá ń tẹ̀ lé ìlànà gbogboogbò: tí ẹṣin kò bá tó márùn-ún, kò sí owó ipò rárá. Láti márùn-ún dé méje, ipò méjì ni wọ́n ń san, ní ìdá mẹ́rin. Tó bá ti di mẹ́jọ, ipò mẹ́ta ni, ní ìdá márùn-ún. Eré hándíkáàpù, èyí tí wọ́n ti ń di ẹrù tó wúwo jù lé ẹṣin tó dára jù, nìkan ló tún ń gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ: láti ẹṣin méjìlá dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ipò mẹ́ta ní ìdá mẹ́rin, láti mẹ́rìndínlógún sókè, ipò mẹ́rin ní ìdá mẹ́rin.

Tìrẹ, ẹṣin mẹ́jọ, ìdá márùn-ún. Ìṣirò wọn rèé:

```
ìborí: £5 lórí 9/2        = £0
ipò:   £5 x 4.5 / 5       = £4.50 èrè
       + ojú owó £5       = £9.50
```

Wọn kò yàn ọ́ jẹ. Ọ́ọ̀dì tí o mú ló kéré jù fún E/W. Àwọn ènìyàn máa ń wo ipò kẹta kí wọ́n tó wo èyí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń jò. Tí ẹṣin bá wọ ipò láìborí, tíkẹ́ẹ̀tì ipò ló gbọ́dọ̀ san gbèsè tíkẹ́ẹ̀tì ìborí tó kú. Kó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, èrè rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó iye tí o fi ta ẹyọ kan. Ní ìdá márùn-ún, ọ́ọ̀dì 5/1 ló máa dá owó rẹ padà láìsí èrè, láìsí òfò. Ní ìdá mẹ́rin, 4/1 ni. Ohunkóhun tó bá wà lábẹ́ rẹ̀, ipò kejì àti ìkẹta á dá ọ lóhùn pé "o jẹ", àmọ́ àpò rẹ á sọ ọ̀rọ̀ mìíràn.

TáyéWoolwich
Ah. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Tó bá jẹ́ pé ó borí ńkọ́?

Akọ̀wéTẹ́tẹ́
Tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì ni ì bá jẹ. Ìborí: £5 lórí 9/2 jẹ́ £22.50, pẹ̀lú ojú owó ó di £27.50. Fi £9.50 ti ipò kún un, gbogbo rẹ̀ £37. Ká ní o ti fi £10 náà sórí ìborí nìkan, £55 ni ì bá jẹ́. Ìyẹn ni pé £18 ni o fi ra ààbò kan tí kò lè dá £10 rẹ padà ní pípé. Lórí ọ́ọ̀dì kékeré bẹ́ẹ̀, èmi kì í dá ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn E/W.

Ìyá_Ìbejì_Bódìjà
Ẹ kúuṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo rò pé E/W ni pé kéèyàn mú ẹṣin méjì, kí wọ́n wọlé kìíní àti ìkejì, èyí tó bá wù kó ṣáájú? Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gbọ́ ọ nígbà tí wọ́n ṣì ń sá eré ẹṣin ní Èkó, kí ibẹ̀ tó di Tafawa Balewa Square. Kí ló wá kan ẹ̀yọ ẹṣin kan ṣoṣo?

Akọ̀wéTẹ́tẹ́
Ẹ kú àsìkò yìí, Màmá. Irú tẹ́tẹ́ mìíràn nìyẹn, ẹni tó mú ẹṣin méjì fún ipò kìíní àti ìkejì, tí ìtẹ̀léra wọn kò sì ṣe pàtàkì. E/W, ẹṣin kan ni, ipò ni wọ́n ń wò.

Ìyá_Ìbejì_Bódìjà
Ó yé mi, ọmọ mi. Ẹ máa bá a lọ.

Ṣọlá_Croydon
Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ló kàn mí gan-an. £10 E/W ni mo ta ní àárọ̀ lórí ẹṣin 8/1, ẹṣin mẹ́jọ ló wà nínú ètò. Nígbà tí eré fi máa bẹ̀rẹ̀, méje ló kù. Tèmi wọ ipò kẹta, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Ṣé kò yẹ kí wọ́n tẹ̀ lé ìlànà tó wà nígbà tí mo san owó mi? Àdéhùn ni, àbí?

Gbénga_Leeds
Èyí mo mọ̀ dájú. Iye ẹṣin tó sáré gan-an ni wọ́n ń kà, kì í ṣe iye tó wà lórí ìwé àárọ̀. Méje ló sáré, nítorí náà ipò méjì. Ìkẹta rẹ kò wúlò.

Akọ̀wéTẹ́tẹ́
Gbénga sọ ọ́ dáadáa níbí. Ọ́ọ̀dì ni o dè mọ́lẹ̀ ní àárọ̀, o kò de ipò mọ́lẹ̀. Ẹṣin tó ṣubú tàbí tó ju ẹlẹ́ṣin rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, sáré ni wọ́n kà á. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n yọ kúrò kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kódà bó jẹ́ ní ẹnu gẹ́ètì, wọn kò ní kà á mọ́.

Ohun tí ó tún yẹ kí o wò ni pé yíyọ ẹṣin kan kúrò ń fọwọ́ kan nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yí ipò àti ìdá padà, ó sì tún lè yọ lára èrè rẹ. Ìyẹn ni wọ́n ń kọ sórí ìdáhùn tíkẹ́ẹ̀tì pé `Rule 4`. Wo tìrẹ, ká ní ẹṣin rẹ wọ ipò kejì dípò ìkẹta, tí ẹṣin tí wọ́n yọ sì jẹ́ 3/1. Ẹni tó jẹ́ 3/1, pẹ́nì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọ́n máa yọ nínú gbogbo £1 èrè. Ojú owó, wọn kì í fọwọ́ kàn án.

Ẹṣin mẹ́jọ, ipò kẹta: £10 x 8 ÷ 5 = £16, pẹ̀lú ojú owó £26. Ohun tí o rò nígbà tí o ń sanwó nìyẹn.

Ẹṣin méje, ipò kejì: £10 x 8 ÷ 4 = £20. Yọ ìdá mẹ́rin èrè náà fún `Rule 4`, ó ku £15, pẹ̀lú ojú owó £25.

Ẹṣin méje, ipò kìíní: èrè ìborí £80 di £60, pẹ̀lú ojú owó £70. Ipò £25. Gbogbo rẹ̀ £95.

O rí i pé ìdá sunwọ̀n sí i, láti ìdá márùn-ún sí ìdá mẹ́rin, síbẹ̀ owó kéré sí i, ipò kẹta sì pòórá. Ìyọkúrò náà ń kéré bí ọ́ọ̀dì ẹṣin tó lọ ṣe ń ga. 6/1 dé 9/1, pẹ́nì mẹ́wàá. 10/1 dé 14/1, pẹ́nì márùn-ún. Tó bá ju ìyẹn lọ, wọn kì í yọ nǹkan kan. Ẹṣin ààyò gidi ló ń dunni: tó bá jẹ́ 1/3 ni wọ́n yọ, àádọ́rin pẹ́nì nínú £1 ló ń lọ.

Ṣọlá_Croydon
Ẹni tó gba SP ńkọ́?

Akọ̀wéTẹ́tẹ́
SP ni ọ́ọ̀dì tó wà nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀. Tí àkókò bá wà fún wọn láti tún ọjà tò lẹ́yìn tí ẹṣin ti lọ, ọ́ọ̀dì tuntun náà ti kó òfò yẹn sínú, wọn kì í sábà yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba SP pẹ̀lú ń pàdánù ipò kẹta nígbà tó bá di méje. Ìyẹn kò mọ ẹni tó gba ọ́ọ̀dì àárọ̀ àti ẹni tó gba SP.

AláròyéPeckham
Ẹ̀yin ń bá ìlànà àtijọ́ lọ. Lónìí, ilé tẹ́tẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kéde ipò tó pọ̀ sí i. Hándíkáàpù ẹṣin ogún, àwọn kan ń san ipò mẹ́fà. Kí ló wá dé tí èèyàn á fi máa gba ipò mẹ́rin?

Akọ̀wéTẹ́tẹ́
Nítorí pé ipò mẹ́fà yẹn kì í wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdá márùn-ún ni wọ́n sábà máa fi san án, nígbà tí ipò mẹ́rin jẹ́ ìdá mẹ́rin. Jẹ́ ká fi ẹṣin 16/1 wò ó, £5 E/W, ẹṣin ogún nínú hándíkáàpù. Ní ìdá mẹ́rin, tíkẹ́ẹ̀tì ipò ń mú £20 èrè wá, pẹ̀lú ojú owó £25. Ní ìdá márùn-ún, £16 èrè, £21. Ìyàtọ̀ £4 ni, yálà ẹṣin borí tàbí ó wọ ipò kejì, kẹta, kẹrin. Ẹni tó gba ipò mẹ́fà ń san £4 yẹn nígbàkúgbà tí ẹṣin bá wọ mẹ́rin àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹṣin bá wọ ipò karùn-ún tàbí kẹfà, £21 ló ń bọ̀ fún un, òdo ni fún ẹlòmíràn.

Fi £4 wé £21. Tí ẹṣin rẹ bá ń wọ ipò karùn-ún tàbí kẹfà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú márùn-ún ìgbà tó bá wọ mẹ́rin àkọ́kọ́, ipò mẹ́fà ló sàn. Ẹṣin 16/1 nínú eré ogún ń ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa, kò yàtọ̀ sí bí ó ṣe ń wọ ipò kẹta tàbí kẹrin. Torí náà AláròyéPeckham tọ̀nà nínú àpẹẹrẹ yìí, tí ọ́ọ̀dì bá dọ́gba.

AláròyéPeckham
Mo ti sọ fún yín!

Akọ̀wéTẹ́tẹ́
Mo ní "tí ọ́ọ̀dì bá dọ́gba". Ilé tó ń fún ọ ní ipò mẹ́fà lè ti gé ọ́ọ̀dì náà sí 12/1. Ìborí di £65, ipò di £5 x 12 ÷ 5, ìyẹn £12 èrè, £17. Tí ẹṣin bá borí, £82 ni wàá gbà níbẹ̀, £110 ni wàá gbà lọ́dọ̀ ẹni tó ń san 16/1 ní ipò mẹ́rin. £28 ti lọ ní ojú kan. Àti ipò kejì, £17 lòdì sí £25. Ipò mẹ́fà yẹn ti wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ.

Ṣáájú kí o tẹ ohunkóhun, ṣí ojú ìwé eré náà, wo àkọlé tó wà lókè orúkọ àwọn ẹṣin. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ iye ipò àti ìdá sí, bíi `EW 1/5 1-2-3-4-5-6`. Kọ ọ́ sílẹ̀, kọ ọ́ọ̀dì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà wo ilé kejì. Ọ̀rọ̀ ọ́ọ̀dì àti ọ̀rọ̀ ìdá kì í ṣe ohun tí a lè dá wò.

Gbénga_Leeds
Ẹ̀gbọ́n, mi ò gbà pátápátá. Ẹni tó mú ẹṣin 40/1 kò retí pé yóò borí, ipò ló ń wá. Kí ló kan án tí ọ́ọ̀dì bá jẹ́ 33/1 ní ibi tó ń san ipò mẹ́fà? Ipò karùn-ún, kẹfà ni owó rẹ̀ wà.

Akọ̀wéTẹ́tẹ́
O lè máa wá ipò, àmọ́ ọ́ọ̀dì ìborí náà ni wọ́n fi ń ṣírò ipò. Ìdá márùn-ún 33/1 jẹ́ 6.6, ìdá mẹ́rin 40/1 jẹ́ 10. £5 lórí ẹ̀yà ipò, £38 sí £55. Bí ìyàtọ̀ £17 yìí bá tẹ́ ọ lọ́rùn láti fi ra ipò méjì sí i, ó dára. Mi ò sọ pé o ṣẹ̀. Mo kàn ń sọ pé kí o rí iye rẹ̀ kó o tó rà á.

Gbénga_Leeds
Mo rí i, mo sì máa rà á. Ẹṣin 40/1 tí yóò wọ mẹ́rin àkọ́kọ́ kò wọ́pọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀.

Ṣọlá_Croydon
Ẹ jẹ́ ká fi Grand National wò ó, torí ọ̀pọ̀ wa kì í ta tẹ́tẹ́ lórí ẹṣin àyàfi ọjọ́ yẹn.

Akọ̀wéTẹ́tẹ́
Hándíkáàpù ni Grand National, Aintree ni wọ́n ti ń sá a, láti 2024 wọ́n sì dín ẹṣin rẹ̀ láti ogójì sí mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ní ìpẹ̀kun. Ìlànà gbogboogbò ń fún un ní ipò mẹ́rin, ìdá mẹ́rin, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni àwọn ilé tẹ́tẹ́ ń figa gbága lórí ipò. Ní 2025 Nick Rockett borí ní 33/1. £5 E/W, ìborí £170. Ẹni tó gba ìdá mẹ́rin gba £46.25 lórí ipò, àpapọ̀ £216.25. Ẹni tó gba ìdá márùn-ún gba £38, àpapọ̀ £208. Ẹni tó bá rò pé ipò púpọ̀ kò yọ nǹkan lára ẹni tó borí, £8.25 rèé.

Ẹ má ṣe da á pọ̀ mọ́ Derby ti Epsom. Ìyẹn kì í ṣe hándíkáàpù. Bí ẹṣin ogún bá sáré níbẹ̀, ipò mẹ́ta ní ìdá márùn-ún ni ìlànà gbogboogbò, àyàfi tí ilé kan bá kéde nǹkan mìíràn. Mo máa ń rí ẹni tó ń retí ipò kẹrin níbẹ̀, torí ẹṣin pọ̀ lójú.

Àdùkẹ́_SE15
Ẹ jọ̀ọ́, mo kà á tán, mo ní ìbéèrè kan. Ìgbà wo wá ni E/W dára gan-an? Gbogbo ohun tí ẹ kọ, bí ó ṣe ń jáni kulẹ̀ ni.

Akọ̀wéTẹ́tẹ́
Ìbéèrè rere. Ibi tí ilé tẹ́tẹ́ kò ti fẹ́ rí ọ ni. Wá eré tí ẹṣin mẹ́jọ máa sáré, kì í ṣe hándíkáàpù, tí ẹṣin ààyò kan sì wà níbẹ̀ ní 1/3 tàbí bẹ́ẹ̀. Ẹṣin yẹn ti gba púpọ̀ nínú àǹfààní ìborí mọ́ra, torí náà ọ́ọ̀dì àwọn tó kù ga gan-an. Àmọ́ ipò mẹ́ta ni wọ́n ń san, ẹṣin ààyò kò lè gbà ju ọ̀kan lọ. Ipò méjì ló kù fún ẹṣin méje, nínú wọn sì lè jẹ́ pé mẹ́ta kò ní ẹsẹ̀ rárá.

Mú ẹni tó dájú jù lẹ́yìn ààyò, ká ní ó jẹ́ 8/1. Ní ìdá márùn-ún, ipò rẹ̀ ń san 8/5. £10 E/W, £20 ni o ná. Ipò kejì tàbí kẹta dá £26 padà. Ìṣirò ìdá kò mọ̀ pé ẹṣin ààyò wà, ọ́ọ̀dì ìborí nìkan ló ń wò, ó sì ń pín in. Ibẹ̀ ni ìṣirò náà ti ń ṣe ojúsàájú sí ọ. Nínú eré tí ọ̀rọ̀ ìborí ṣí sílẹ̀ fún gbogbo wọn, irú ẹ̀bùn yẹn kò sí.

Ewu méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní, ẹṣin mẹ́jọ gẹ́lẹ́ ni. Tí ọ̀kan bá lọ, ìkẹta lọ pẹ̀lú rẹ̀, bí a ti sọ fún Ṣọlá. Kí o má sanwó títí ó fi sún mọ́ àkókò eré, tí o bá lè dúró. Èkejì, ilé tẹ́tẹ́ mọ̀. Tí wọ́n bá rí i pé irú eré yẹn nìkan lo ń wọ̀, wọ́n á dín iye tí o lè fi ta kù, wọn kì í sì fi ohùn sílẹ̀.

AláròyéPeckham
Ẹni tí wọ́n bá dín kù kì í ṣe òmùgọ̀ nìyẹn.

Àdùkẹ́_SE15
Tó bá di ẹṣin márùn-ún tó di mẹ́rin ńkọ́, ṣé wọ́n á dá owó ipò padà ni?

Gbénga_Leeds
Wọ́n á dá a padà, kò sí ipò mọ́.

Akọ̀wéTẹ́tẹ́
Níbẹ̀, ilé sí ilé ni. Àwọn kan ń kó ẹ̀yà ipò sórí ìborí, tí £5 E/W wá di £10 pé ẹṣin yóò borí. Ẹni tó ń retí àtúnpadà £5 á bínú. Kí ẹni tó bá fẹ́ E/W nínú eré ẹṣin márùn-ún tẹ òfin ilé yẹn wò kó tó sanwó.

Ṣọlá_Croydon
Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè mi kẹ́yìn. Tí ẹṣin méjì bá wọ ipò kẹta pọ̀, tí àwòrán kò lè yà wọ́n?

Akọ̀wéTẹ́tẹ́
Wọ́n á pín ẹ̀yà ipò sí méjì. Ìdajì ń jẹ ọ́ọ̀dì pípé, ìdajì ń kú. £5 E/W lórí 10/1, ní ìdá márùn-ún: £2.50 x 2 jẹ́ £5 èrè, pẹ̀lú ojú owó £2.50, £7.50. Bí ipò kẹta bá jẹ́ tìrẹ nìkan, £15 ni. Tí ẹṣin méjì bá pín ipò kejì nínú eré ipò mẹ́ta, kò sí ohun tó yí padà, torí ipò tó wà fún àwọn méjèèjì ṣì wà.

Àdùkẹ́_SE15
Mo ti ń fi ẹṣin méjì pọ̀ mọ́ ara wọn sórí E/W. Ọ̀kan 6/1 ní ìdá márùn-ún, ó borí. Èkejì 10/1 ní ìdá mẹ́rin, ó wọ ipò kejì. £2 E/W ni. Mo retí pé ìborí àkọ́kọ́ á wúlò díẹ̀.

Akọ̀wéTẹ́tẹ́
Kò wúlò o. Nínú tẹ́tẹ́ àsopọ̀, ìborí ń bá ìborí lọ, ipò ń bá ipò lọ. Ẹṣin kejì kò borí, gbogbo £2 ìborí ti kú, ẹni àkọ́kọ́ ì báà borí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ipò ló kù: 6/1 ní ìdá márùn-ún jẹ́ 1.2, pẹ̀lú ojú owó 2.2. 10/1 ní ìdá mẹ́rin jẹ́ 2.5, pẹ̀lú ojú owó 3.5. £2 x 2.2 x 3.5 = £15.40. O ná £4.

Tí tìrẹ kò bá tó bẹ́ẹ̀, wo ìdá tí wọ́n fi sí ẹṣin kọ̀ọ̀kan. Eré kọ̀ọ̀kan ń gbé ìdá tirẹ̀ wá.

Àdùkẹ́_SE15
£13.64 ni wọ́n san fún mi.

Akọ̀wéTẹ́tẹ́
Jẹ́ ká wò ó. £13.64 pín sí £2 jẹ́ 6.82. Pín in sí 2.2, ó ku 3.1. Èrè 2.1 lórí 10/1 kò bá ìdá mẹ́rin mu, kò sì bá ìdá márùn-ún mu, ìyẹn ì bá jẹ́ 3.0 pẹ̀lú ojú owó, àpapọ̀ £13.20. Mo fura sí `Rule 4` lórí ẹṣin kejì: èrè 2.5, yọ pẹ́nì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú £1, ó ku 2.125. £2 x 2.2 x 3.125 jẹ́ £13.75, kò bára mu tán. Fi iye ẹṣin tó sáré nínú eré kejì ránṣẹ́, pẹ̀lú ọ́ọ̀dì ẹni tí wọ́n yọ, tí wọ́n bá yọ ẹnì kan.

Àdùkẹ́_SE15
Mo máa wá tíkẹ́ẹ̀tì náà lálẹ́ yìí.

TáyéWoolwich
Èmi ti tún tèmi ṣírò fún ọjọ́ Sátidé: hándíkáàpù ẹṣin mẹ́tàdínlógún, 14/1, £5 E/W, ipò mẹ́rin ní ìdá mẹ́rin. Ìborí £75, ipò £22.50, àpapọ̀ £97.50. Ipò kejì sí ìkẹrin, £22.50 lórí £10. Tí ẹṣin méjì bá yọ, á di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ipò kẹrin á lọ, ìdá mẹ́rin á ṣì dúró. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n?

Akọ̀wéTẹ́tẹ́
Bẹ́ẹ̀ ni. Tó bá tún wá já sí mọ́kànlá, ìdá á di márùn-ún, ipò mẹ́ta. Ṣùgbọ́n láti mẹ́tàdínlógún dé mọ́kànlá jìnnà, ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí òjò bá yí ilẹ̀ padà láàárín òru. Wo `NR`, ìyẹn àwọn ẹṣin tí wọ́n yọ, lẹ́ẹ̀kan sí i kí o tó tẹ tíkẹ́ẹ̀tì.